Àpò Ẹ̀wà Méjì: Bí Mo Ṣe Yan Ẹni Tí Mò Ń Rajà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹ̀wà ni mò ń tà ní ọjà Arada nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. N kì í lọ rà á lóko. Lọ́wọ́ àwọn tó ń fi tírélà kó o wá láti òkè Ọya ni mo ti ń rà á ní àpò, tí mo sì ń fi kóńgò tà á. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi rajà lọ́wọ́ ìyá àgbà kan ṣoṣo, tó mọ ìwà mi tí èmi náà sì mọ tirẹ̀. Nígbà tí ara màmá ò gbé e mọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó jókòó sílé, ó di dandan kí n wá ẹlòmíràn. Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni, ìgbà tí ẹ̀wà tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé.

Ẹni méjì ni mo rí. Ọ̀kan ni Alájì kan ní Sábó. Àpò ẹ̀wà pupa lọ́dọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50,000 náírà, owó lọ́wọ́, kò sí àwìn. Èkejì ni obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì, tó ní ilé ìkẹ́rùsí lójú ọ̀nà Ìlọrin. Irú àpò ẹ̀wà kan náà jẹ́ 53,000 lọ́wọ́ tirẹ̀ tó o bá sanwó lójú ẹsẹ̀, 55,000 tó o bá fẹ́ gbé e ní àwìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ní kí n gba ọ̀dọ̀ Alájì lọ. 3,000 náírà lórí àpò kan kì í ṣe owó kékeré fún alárọ́bọ̀, èmi náà sì ti fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo lọ kí ìyá àgbà nílé ni mo ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún un. Màmá wò mí, ó ní, "Ìyàwó, ṣé àpò lò ń tà ni àbí kóńgò?" Mo ní kóńgò ni, mà. Ó ní, "Lọ ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, kó o wọ̀n ọ́n. Ìgbà yẹn lo máa tó mọ iye tó o rà á."

Mo ṣe bó ṣe wí. Mo tẹ́ tapólì sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, mo gbé kóńgò tí mo fi ń tajà gan-an jáde. Kóńgò ò dọ́gba, ẹni tó bá ń tajà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òmíràn wà tí ìdí rẹ̀ ti wọnú, òmíràn wà tí ẹnu rẹ̀ ti fẹ̀. Nítorí náà, kóńgò kan náà ni mo fi wọn àpò méjèèjì, èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n, mo sì jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú orí gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe fún oníbàárà.

Àpò Alájì ni mo kọ́kọ́ tú. Ẹ̀wà òkè rẹ̀ dára, ó ń dán, ó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bó ṣe ń bọ́ sínú kóńgò. Nígbà tí mo dé ìdajì àpò, ìyẹ̀fun funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jáde, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan síbi tí oòrùn wà. Àwọn kan ti ní ihò roboto, ìyẹn ni pé kòkòrò ti jẹ ẹ́ tán ó ti jáde. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni àwọn tí kò tíì ní ihò rárá, àmọ́ tí nǹkan funfun tíńtín lẹ̀ mọ́ wọn lára bí ẹyọ iyọ̀. Ẹyin kòkòrò nìyẹn. Lónìí, ẹ̀wà yẹn ṣì gún régé lójú, oníbàárà á rà á tayọ̀tayọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ihò á dé sí i, oníbàárà á sì dá a padà fún ọ.

Kóńgò 66 ló jáde nínú àpò náà. Nígbà tí mo jọ̀ ọ́ tán, tí mo ṣa òkúta àti èyí tí kòkòrò jẹ, ó ku 63. Ti Ìyá Ìbejì jẹ́ 68, ó sì ku 67 lẹ́yìn tí mo jọ̀ ọ́.

Mo wá jókòó ṣe ìṣirò. Mo fi 500 náírà tí mo fún oní-Marúwá láti Sábó kún owó Alájì, ó di 50,500. Tí a bá pín in sí kóńgò 63, kóńgò kan dúró lé mi lọ́wọ́ ní nǹkan bíi 802 náírà. Àwọn ọmọ Ìyá Ìbejì ló gbé ti wọn wá sí ìsọ̀ mi, n kò sanwó ọkọ̀. 53,000 tí a pín sí 67 jẹ́ 791. Àpò tó wọ́n ló wá dínwó yìí! Ẹnu yà mí. Mo tún fi fóònù ṣe é lẹ́ẹ̀kejì kí n tó gbà.

Mo fẹ́ pinnu lọ́jọ́ náà, àmọ́ mo rántí pé àpò kan ṣoṣo ò lè jẹ́rìí sí ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ pé àpò burúkú ló bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní Sábó, kí ti ọ̀hún sì jẹ́ àpò tó dára jù nínú ilé. Mo bá tẹ̀ ẹ́ sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo ra àpò mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ni mo wọ̀n, tí mo sì kọ sínú ìwé. Lẹ́yìn jíjọ̀, ti Alájì jẹ́ 63, 67 àti 61. Ti Ìyá Ìbejì jẹ́ 67, 66 àti 66. Nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kóńgò kan lọ́dọ̀ Alájì jẹ́ 793 náírà, lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì ó jẹ́ 799. Ìyàtọ̀ ò ju náírà mẹ́fà lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe iye owó ló máa yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ tún wo òǹkà yẹn dáadáa. Àpò kejì Alájì dára bí wúrà, ẹ̀kẹta sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún. Ti Ìyá Ìbejì ò fò sókè, kò já sílẹ̀. Èmi tí mò ń fi ojú owó díẹ̀ ṣòwò, àpò kan tó bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yìí ti tó láti dí mi lọ́wọ́, kódà kí méjì tó ń bọ̀ dára.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa Alájì. Kò purọ́ fún mi rí. Ó ní irin oníhò kan tí wọ́n máa ń gún mọ́ àpò lára láti yọ ẹ̀wà inú wò, ó sì máa ń jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ gún un títí tó fi máa tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó kàn sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé, "Màmá, tó bá ti kúrò níwájú ilé mi, tiyín ni. Kò sí ìdápadà." Èmi ni n kò kọ́kọ́ lóye pé ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú iye owó rẹ̀. Ó tà á ní ẹ̀dínwó nítorí pé ewu àpò burúkú ti kúrò lọ́rùn tirẹ̀, ó ti bọ́ sí ọrùn ẹni tó rà á.

Ọ̀rọ̀ ìdúróṣinṣin ló kàn. Ní oṣù kọkànlá, ẹ̀wà funfun tán lórí ìsọ̀ mi. Ẹ̀wà funfun yìí ni àwọn alákàrà mi ń fẹ́ jù. Alájì ní tírélà òun á wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní ọkọ̀ bàjẹ́ lọ́nà Jẹ́bà. Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àbámẹ́ta ló tó dé. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ pé ọkọ̀ bàjẹ́. Àmọ́ alákàrà ò lè sọ fún àwọn tó ń jẹ àkàrà láàárọ̀ pé ọkọ̀ bàjẹ́. Obìnrin kan wà nínú wọn tó ń ra kóńgò márùn-ún lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ó dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò bá a. Ó padà wá lọ́jọ́rú, kò bá a. Lọ́jọ́bọ̀, ó lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn, kò sì padà wá bá mi títí oṣù kìíní fi wọlé.

Mò ń ta kóńgò kan ní 950 nígbà yẹn, èrè orí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 150 náírà. Kóńgò márùn-ún lóòjọ́ túmọ̀ sí 750. Lọ́sẹ̀ kan, ó jẹ́ 4,500 náírà lórí oníbàárà kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ 3,000 orí àpò ni mò ń ṣọ́ bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin.

Nígbà tí mo wọ inú ilé ìkẹ́rùsí Ìyá Ìbejì lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, mo rí ohun tí 3,000 rẹ̀ ń ṣe. Àpò tò jọ lórí pákó, wọn ò jẹ́ kó kan ilẹ̀, wọn ò jẹ́ kó kan ògiri, kí òtútù má baà mú un. Ẹrù tó tó tà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa ń wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo. Owó rẹ̀ ló dè mọ́bẹ̀ yẹn. Alájì kì í tọ́jú ẹrù pamọ́, bó ṣe ń bọ́ nínú ọkọ̀ ló ń tà á, ìdí nìyẹn tó fi lè ta 50,000. Tí tírélà Ìyá Ìbejì bá pẹ́ lọ́nà, èmi ò tiẹ̀ ní mọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwìn. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe irú òwò mi fara balẹ̀ kà, torí ibẹ̀ ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sí wàhálà.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó ń gba àwìn kì í sábà yan àpò. Nínú oṣù kejìlá, mo gbé àpò kan ní àwìn lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ kalẹ̀ ni mo rí i pé òwú tí wọ́n fi rán ẹnu rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù. Mo tú u wò, kòkòrò ti wọ̀ ọ́, òórùn òtápiápiá sì ń jáde níbẹ̀. N kò wọn kóńgò kan níbẹ̀. Oògùn tí wọ́n fi ń pa aáyán kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi sí oúnjẹ, ẹ̀wà tó bá ní òórùn rẹ̀, n kì í tà á fún ọmọ ẹnikẹ́ni. Mo pe Ìyá Ìbejì lórí fóònù. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó ní, "Ìyàwó, ṣé o ò tíì bù nínú rẹ̀?" Mo ní rárá, mà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbé òmíràn wá. Ó ní ọwọ́ ẹlòmíràn lòun ti gba àpò yẹn kún ẹrù òun, òun ò sì ní gbà á mọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀ ẹ́ pé ká sọ ọ́ di àdéhùn. Màá tú àpò lọ́jọ́ tó bá dé. Tí mo bá rí àbùkù láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí n kò sì tíì tà nínú rẹ̀, á gbà á padà, ìbáà jẹ́ owó lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ àwìn. Ó gbà, ó sì ní kí ọmọ òun kọ ọ́ sínú ìwé, kí èmi náà kọ ọ́ sínú tèmi. Nínú gbogbo ohun tí mo fi wọn àwọn méjèèjì, kò sí èyí tó wúwo tó o. Lọ́wọ́ ẹnì kan, àpò burúkú jẹ́ tèmi. Lọ́wọ́ ẹnì kejì, àpò burúkú jẹ́ ti ẹni tó tà á.

Ohun kejì ni ọjọ́ sísan. 2,000 náírà ni Ìyá Ìbejì fi ń lé àpò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí àpò bá mú kóńgò 67 jáde tí mo tà á ní 950, 63,650 ni. Tí mo bá yọ 55,000, èrè 8,650 ló kù lórí ẹrù tí n kò fi kọ́bọ̀ mi sí. Ó dùn mọ́ mi. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá bá wà nílùú, tí Ọ́ńdà Jíì tó jẹ́ àdúgbò wọn kún, àpò méjì ni mo máa ń tà lọ́sẹ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2023, mo fi owó ra àpò méjì, mo sì gbé mẹ́ta ní àwìn. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀, gbogbo rẹ̀ á ti tán, màá ku ọjọ́ díẹ̀ kí n tó san 165,000.

Gbogbo wa ló rántí ohun tó ṣẹlẹ̀. Báńkì àgbà ní àwọn náírà àtijọ́ ò ní ṣe é ná mọ́ tó bá di ọjọ́ 31 oṣù kìíní, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Ti tuntun ò sí níta. Oníbàárà ń wá, owó wà ní báńkì rẹ̀, àmọ́ kò sí owó lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá ní òun á fi ránṣẹ́ láti orí fóònù, àá jọ dúró títí, àlẹ́ẹ̀tì ò ní wọlé. Mo rántí ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó dúró sídìí ìsọ̀ mi láti agogo mẹ́rin títí a fi ń palẹ̀ mọ́, nítorí kóńgò kan. Wọ́n ti yọ owó lọ́wọ́ tirẹ̀, kò sì dé ọ̀dọ̀ mi. Mo bu ẹ̀wà náà fún un pé kó máa lọ. Ọjọ́ kẹta lowó náà tó dé.

Ó ku ọjọ́ méjì kí gbèsè mi pé, àpò méjì ṣì wà nílẹ̀ tí n kò tíì tú, ìdajì òmíràn ṣì wà lórí ìsọ̀. Mo ti yọ owó ilé ìwé àwọn ọmọ, àwọn olólélé mi méjì sì jẹ mí lówó. 90,000 péré ni mo ní, gbogbo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní báńkì tán. Ara mi ò balẹ̀. N kò dúró kí ọjọ́ pé, mo lọ bá Ìyá Ìbejì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Kò bú mi. Ó béèrè bóyá òwú àpò méjèèjì ṣì wà bó ṣe wà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní kí àwọn ọmọ lọ gbé ọ̀kan padà wá, ó sì yọ 55,000 kúrò lórí gbèsè mi. Ó gba 90,000 láti báńkì, ó ní kí n lọ sílé, tó bá wọlé tán òun á pè. 20,000 tó kù, ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì fi náírà kan lé e.

Lọ́sẹ̀ kan náà yẹn, Alájì ń ta àpò ní 44,000 fún ẹni tó bá ní owó bébà lọ́wọ́, torí owó bébà làwọn àgbẹ̀ ń fẹ́. Ó dára fún ẹni tó rí i. Èmi ò rí i.

Ìyá Ìbejì ni mo yàn. Mo ṣì ń lọ sí Sábó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ìyàtọ̀ orí àpò bá kọjá 5,000, tí mo sì ní àkókò láti fi irin gún àpò lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Mo fi 5,000 ṣe òdiwọ̀n torí mo ti rí i pé àpò burúkú máa ń jẹ kóńgò mẹ́ta sí márùn-ún mi, ìyẹn lé ní 2,000 sí 4,000 náírà, ká má tíì sọ ti wákàtí tí màá fi jọ̀ ọ́. Àwìn ní tirẹ̀, èyí tí mo bá mọ̀ pé màá tà tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì nìkan ni mò ń gbé, bí wọ́n tilẹ̀ ń fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà náà. Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń múra ìsinmi, n kì í gbé àwìn kankan.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí owó ọkọ̀ lọ sókè, Ìyá Ìbejì pè mí. Ó ní òun ò lè fi owó sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ́, àwọn tó ń kó ẹrù wá fún òun náà ti ń béèrè owó tiwọn kíákíá. Ọ̀sẹ̀ méjì lòun lè ṣe. Mo ní kó fún mi di alẹ́. Mo gbé ìwé mi jáde, mo ka iye àpò tí mo tà lọ́sẹ̀ mẹ́rin tó kọjá, mo yọ ti oníbàárà tó ṣì jẹ mí lówó. Lálẹ́, mo pè é padà pé kó fi ẹyọ kan ránṣẹ́ ní àwìn, màá sì sanwó kejì lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, ìyàwó. Ṣé funfun ni àbí pupa?" Mo ní funfun ni, mà, torí alákàrà mi ti padà dé.